Ìdí Ẹ̀rọ Fọtokọ́pì Ni Iṣẹ́ Wà: Bí Ọmọ Áìtì Ṣe Lè Fi Ọ̀wọ̀ Bèèrè Iṣẹ́ Tó Nítumọ̀

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka ìṣirò owó sọ ní ilé ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe kan, kí wọ́n tó lọ fún ètò Síwẹ́ẹ̀sì, ìyẹn áìtì tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń lọ kọ́ iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́. Bí mo ṣe sọ ọ́ gan-an ni mo ṣe kọ ọ́ síbí.)

Ẹ káàárọ̀ o. Olórí ẹ̀ka, mo kí yín sà. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ jókòó níwájú, ẹ kú làálàá àwọn ọmọ wa. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, mo rí i pé àwọn kan ń dúró lẹ́yìn nítorí pé àga kò tó. Ẹ kú ìdúró o. Mi ò ní dá yín dúró pẹ́.

Ó ti lé lọ́dún 20 tí mo ti wà ní ọ́fíìsì àkáǹtì. Kò sí ọdún tí wọn kì í fi ọmọ áìtì ránṣẹ́ sí wa. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé nígbà tí wọ́n ń lọ, ó dùn wá pé wọ́n ń lọ, torí wọ́n ti mọṣẹ́ débi pé a ti ń gbára lé wọn. Àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé ẹ̀rọ fọtokọ́pì àti ọ̀nà ilé ìyá olóúnjẹ nìkan ni wọ́n mọ̀ fún odidi oṣù mẹ́rin. Ṣé àwọn àkọ́kọ́ ló gbọ́n jù ni? Rárá o. Mo ti rí ọmọ tó gba máàkì gíga nílé ìwé tó jẹ́ pé ìwé ló ń ṣẹ̀dà títí ó fi lọ. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni bí wọ́n ṣe bèèrè, ìgbà tí wọ́n bèèrè, àti ohun tí wọ́n bèèrè gan-an.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rán yín létí ìdí tí ẹ fi ń lọ. Ọdún 1971 ni ìjọba dá àjọ Áì-Tì-Ẹ́ẹ̀fù, tó ń rí sí ìkọ́ṣẹ́, sílẹ̀. Nígbà tó di 1973 ni àjọ náà bẹ̀rẹ̀ ètò Síwẹ́ẹ̀sì, nítorí àwọn ilé iṣẹ́ ń ké pé àwọn tó ń jáde nílé ẹ̀kọ́ mọ ìwé, àmọ́ wọn ò fọwọ́ kan iṣẹ́ rí. Kí ẹ fọwọ́ kan iṣẹ́ ni ètò yìí wà fún. Ẹni tó bá bèèrè iṣẹ́ tó lè kọ́ òun lẹ́kọ̀ọ́ kò ṣe àṣejù, ohun tó torí ẹ̀ wá ló ń bèèrè. Oṣù mẹ́rin ni tiyín, ìyẹn bí ọ̀sẹ̀ 17. Bí ẹ bá dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ìdá kan nínú mẹ́ta ti lọ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́: kí ló dé tí wọ́n fi ń rán yín níṣẹ́ ṣáá?

Ọ̀pọ̀ yín á rò pé ọ̀gá náà kò fẹ́ràn yín ni. Mo ti wà ní ipò ọ̀gá yẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó máa ń wà lọ́kàn mi fún yín.

Mi ò mọ ohun tó o lè ṣe. Lẹ́tà tí ilé ìwé kọ sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò owó ni ẹ́, ó tán. Mo tún ń bẹ̀rù àṣìṣe. Bí o bá kọ 54,000 síbi tó yẹ kó jẹ́ 45,000, èmi ni àwọn aṣàyẹ̀wò ìwé owó máa pè, wọn ò ní pe ìwọ. Paríparí ẹ̀, mi ò ráyè. Iṣẹ́ tí mo lè fi 20 ìṣẹ́jú ṣe, ó lè gbà mí ní wákàtí kan láti kọ́ ẹ, kí n tó tún padà yẹ̀ ẹ́ wò. Àmọ́ fọtokọ́pì, ìṣẹ́jú kan ni mo fi máa ṣàlàyé ẹ̀, kò sì sí bí o ṣe fẹ́ bà á jẹ́.

Àìmọ̀, ìbẹ̀rù, àìráyè. Ẹ fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́kàn, torí ìbéèrè tó bá dá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lóhùn ni ọ̀gá máa ń gbà.

Bí èmi ṣe ba tèmi jẹ́

Nígbà tí èmi náà ń ṣe áìtì, ilé iṣẹ́ kan ni mo wà, mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń ra ìrẹsì àti ẹ̀wà. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń múra owó oṣù sílẹ̀, ọ̀gá mi na owó sí mi pé kí n lọ ra oúnjẹ. Mo dìde lójú gbogbo ènìyàn, mo ní, “Mà, iṣẹ́ gidi ni mo wá kọ́, n kì í ṣe ìránṣẹ́.”

Ọ̀gá mi kò sọ nǹkan kan. Ọ̀gbẹ́ni kan wà nínú yàrá yẹn tó jẹ́ pé iṣẹ́ ìránṣẹ́ ni wọ́n gbà á fún. Ọdún mélòó kan ló ti fi ń ṣe é, òun ló sì fi ń tọ́ ọmọ. Ó wò mí. Mo ṣì ń rántí ojú tó fi wò mí dòní olónìí. Ohun tí mo sọ ni pé iṣẹ́ tirẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ gidi. Lọ́jọ́ kejì wọ́n gbé mi lọ sí iwájú ilé iṣẹ́ kí n máa bá wọn kọ orúkọ àlejò. Ibẹ̀ ni mo wà títí áìtì mi fi parí, n kò fọwọ́ kan ìwé owó kankan.

Kò sí irọ́ nínú ohun tí mo fẹ́. Bí mo ṣe sọ ọ́ ni kò dáa. Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní ń yọ ọfà lápó. Ọfà ni mo yọ lọ́jọ́ yẹn. Torí náà, ẹ má fi “iṣẹ́ gidi” sẹ́nu láé. Ẹ má sọ pé fọtokọ́pì sú yín. Ẹ má bèèrè lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, torí ọ̀gá tí wọ́n bá bi ní gbangba, ipò rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ dáàbò bò.

Ọ̀rọ̀ kejì: ẹ ka ohun tí ẹ ń ṣẹ̀dà

Ọmọbìnrin kan wá sọ́dọ̀ wa ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ ọdún kan. Ọ̀dọ̀ igbákejì mi ló wà, obìnrin tó mọṣẹ́ tí kì í sì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Iṣẹ́ tí wọ́n fún un ni kó máa ṣẹ̀dà fáọ́ṣà. Ẹ mọ fáọ́ṣà: ìwé tí a fi ń fọwọ́ sí owó kí owó tó jáde. Nígbà míì, 40 ni lójúmọ́.

Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ohun tí ọmọ yìí ṣe nìyẹn. Bó ṣe ń gbé ìwé kọ̀ọ̀kan lé orí gíláàsì, ó ń kà á. Kò pẹ́ tó fi rí i pé fáọ́ṣà tó pé máa ń ní nǹkan mẹ́rin: ìwé tí ẹni tó ta ọjà fi bèèrè owó, ìfọwọ́sí ọ̀gá, ọjọ́ tí wọ́n sanwó, àti rìsíìtì tó fi hàn pé olówó ti gba owó rẹ̀. Ó tún rí i pé àwọn kan kò ní rìsíìtì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi pẹ́ńsù kọ nọ́ńbà wọn sínú ìwé pélébé kan. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kejì fi máa parí, ó ti ní nọ́ńbà 11.

Ṣé ẹ rí i? Àwọn aṣàyẹ̀wò ìwé owó máa ń bèèrè rìsíìtì wọ̀nyẹn lópin ọdún, ìgbà yẹn ni a máa ń sáré kiri. Iṣẹ́ kan wà tó ń dùn wá, tí ẹnì kankan kò ráyè ṣe, ó sì wà lọ́wọ́ ọmọ tó ń ṣe fọtokọ́pì. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn ní ọ́fíìsì tí mo mọ̀: iṣẹ́ tó yẹ kí ẹ bèèrè kì í jìnnà sí ìwé tó wà lọ́wọ́ yín. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ẹ wá akèrègbè yẹn.

Ọ̀rọ̀ kẹta: ìbéèrè náà gan-an

Ẹ jẹ́ kí n fi ibí yìí falẹ̀ díẹ̀, torí ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ọjọ́. Ọ́fíìsì àkáǹtì ní kàlẹ́ńdà tirẹ̀. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù, a ń pa ìwé oṣù tó kọjá dé. Ó ti yẹ kí owó orí àwọn òṣìṣẹ́ dé ọ̀dọ̀ ìjọba kí ọjọ́ kẹwàá tó kọjá. Owó orí ọjà, tí ẹ̀yin ń pè ní fáàtì, kò gbọ́dọ̀ kọjá ọjọ́ 21. Lẹ́yìn náà ni owó oṣù. Ẹ̀yin náà ẹ ṣírò ẹ̀: láti nǹkan bí ọjọ́ 11 sí ọjọ́ 17 ni ọ̀gá yín lè mí. Nínú ọ̀sẹ̀ yẹn, ẹ má lọ ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ọjọ́rú tàbí Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ló dáa.

Ẹ má lọ já wọlé bá a o. Ẹ kọ́kọ́ gba àyè. Ọmọ yìí kúnlẹ̀ kí igbákejì mi láàárọ̀, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, tí ọwọ́ yín bá dilẹ̀ lónìí, mo fẹ́ kí ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú márùn-ún.” Ìyẹn ní, “Ṣé kò sí o?” Ó ní, “Kò sí mà, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni.” Nígbà tó di aago mẹ́ta, wọ́n pè é. Ohun tó sọ rèé, igbákejì mi ló sọ ọ́ fún mi:

“Ẹ ṣeun mà. Bí mo ṣe ń ṣẹ̀dà àwọn fáọ́ṣà, mo ṣàkíyèsí pé 11 nínú wọn kò tíì ní rìsíìtì. Nọ́ńbà wọn rèé. Mo ní kí n bèèrè bóyá ẹ lè gbà mí láyè kí n máa kọ irú wọn jọ lọ́jọ́ Ẹtì, kí n gbé e fún yín kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹnikẹ́ni tó lò ó. Kò ní dí fọtokọ́pì lọ́wọ́ mà, aago mẹ́rin sí márùn-ún ni mo fẹ́ máa fi ṣe é.”

Ẹ jẹ́ ká tú u wò. Ìwé tó gbé síwájú rẹ̀ fi hàn pé ó mọ ohun tó ń wò, àìmọ̀ ti lọ. “Kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹnikẹ́ni tó lò ó” lé ìbẹ̀rù lọ. Wákàtí kan lọ́jọ́ Ẹtì, iṣẹ́ tí kò gba ìkọ́ni púpọ̀, ìyẹn dá àìráyè lóhùn. Kò sọ pé ohun tí wọ́n ń fún òun ṣe kò dáa. Kò dárúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wà ní ilé iṣẹ́ míì tó ti ń lo kọ̀ǹpútà. Kò sì sọ pé “ẹ fún mi níṣẹ́ míì”, torí ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀, ọ̀gá ló tún gbé iṣẹ́ ríronú fún.

Nǹkan kan tún wà tó ṣe tí mo gbóríyìn fún un gan-an. Àkọ̀wé kan wà lọ́dọ̀ wa tó jẹ́ pé òun ló ń tọ́jú fáìlì àwọn fáọ́ṣà. Ọmọ náà ti kọ́kọ́ lọ bá a: “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bèèrè pé kí n máa kọ àwọn tí kò ní rìsíìtì jọ. Ṣé kò ní dí yín lọ́wọ́?” Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ ni, àkọ̀wé yẹn á rò pé ọmọ náà ń fi àṣìṣe òun han ọ̀gá. Ẹ má fo ẹni tó ni iṣẹ́ kọjá láé.

Ọ̀rọ̀ kẹrin: ẹ bèèrè iṣẹ́ oṣù tó ti kọjá

Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ gbé lọ, bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ìyókù. Bí ẹ bá fẹ́ iṣẹ́ tó wúwo jù, ẹ má bèèrè ti oṣù yìí. Ẹ bèèrè pé kí wọ́n jẹ́ kí ẹ tún ti oṣù tó kọjá ṣe, èyí tí ọ̀gá ti parí. Kí ló dé? Torí pé ìdáhùn ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá ṣì í, kò sí ohun tó bàjẹ́. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ló sì máa fi yẹ̀ ẹ́ wò, torí á kàn fi tiyín wé tirẹ̀ ni.

Nígbà tó di àárín oṣù kẹsàn-án, ọmọ yìí bèèrè fífi ìwé owó wa wé ti báńkì fún oṣù kẹjọ. Wọ́n fún un ní ẹ̀dà méjèèjì. Ìwé tiwa ní ₦842,500 ló kù. Ìwé báńkì ní ₦921,300. Níbo ni ìyàtọ̀ ₦78,800 ti wá?

Ó jókòó tì í. Ó rí sọ̀wédowó méjì tí a ti kọ tí àwọn tó ni ín kò tíì gbé lọ sí báńkì: ₦65,000 fún ẹni tó tún ẹ̀rọ amúnáwá ṣe, àti ₦48,000 fún ẹni tó ń ta ìwé fún wa. Ó rí ₦30,000 tí a san sí báńkì ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó gbẹ̀yìn oṣù, tí báńkì kọ sí ọjọ́ kejì. Ó rí ₦4,200 tí báńkì yọ fún iṣẹ́ wọn, tí àwa kò tíì kọ sínú ìwé wa. Gbogbo rẹ̀ ló rí. Síbẹ̀, ìṣirò rẹ̀ kò bára mu. Ti báńkì já sí ₦834,100, tiwa ṣì wà ní ₦842,500. Ìyàtọ̀ ₦8,400.

Igbákejì mi kò sọ ìdáhùn fún un. Ó kàn ní, “Pín ìyàtọ̀ yẹn sí méjì.” Ìdajì 8,400 ni 4,200. Bí ìyàtọ̀ bá jẹ́ ìlọ́po méjì owó kan tí ẹ mọ̀, ẹ fura, ó ṣeé ṣe kí owó yẹn ti bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀. Ọmọ náà ti yọ owó iṣẹ́ báńkì kúrò nínú ìwé báńkì, bẹ́ẹ̀ báńkì ti yọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Inú ìwé tiwa ló yẹ kó ti yọ ọ́. Ó tún un ṣe: 842,500, yọ 4,200 kúrò, 838,300. Báńkì: 921,300, yọ 113,000 kúrò, fi 30,000 kún un, 838,300. Ẹ bá mi pàtẹ́wọ́ fún un!

Ẹ ti ṣe irú ìṣirò yìí nínú kíláàsì, mo mọ̀. Àmọ́ nínú kíláàsì, ẹnì kan ló fún yín ní àwọn nọ́ńbà. Níbí, òun ló lọ wá wọn jáde láàárín ìwé méjì tó kún fún owó tí kò kàn án. Nígbà tó di oṣù kẹwàá, igbákejì mi ló fúnra rẹ̀ gbé ti oṣù kẹsàn-án fún un kí òun tó ṣe é. Ọmọ náà ṣì ń ra oúnjẹ fún wa o, ó ṣì ń ṣe fọtokọ́pì.

Ọ̀rọ̀ karùn-ún: bí wọn ò bá gbà ńkọ́?

“Tó bá yá” kì í ṣe “rárá”. Bí wọ́n bá ní tó bá yá, ẹ dúpẹ́, kí ẹ wá bèèrè ọjọ́ kan: “Ẹ ṣeun mà. Ṣé kí n rán yín létí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀?” Kí ẹ sì rán wọn létí lóòótọ́, lẹ́ẹ̀kan. Bó bá jẹ́ “rárá” ni, ẹ bèèrè ohun tí wọ́n fẹ́ kọ́kọ́ rí lọ́wọ́ yín kí wọ́n tó lè gbà. Ọ̀gá tó bá dá ìbéèrè yẹn lóhùn ti ṣílẹ̀kùn díẹ̀.

Àwọn nǹkan wà tí ẹ kò gbọ́dọ̀ bèèrè rárá: ọ̀rọ̀ ìwọlé kọ̀ǹpútà ẹlòmíì, kọ́kọ́rọ́ àpótí owó, ìwé owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́. Bí wọ́n bá kọ̀ fún yín lórí ìwọ̀nyí, òótọ́ wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ má sì fi fóònù ya àwòrán ìwé ilé iṣẹ́, kódà bó jẹ́ láti fi kọ́ iṣẹ́ nílé.

Ọ̀rọ̀ lọ́ọ̀gì-búùkù wá kàn. Ojoojúmọ́ lẹ ń kọ ọ́, ọ̀gá yín á sì máa fọwọ́ sí i. Ẹ má kọ iṣẹ́ tí ẹ kò ṣe síbẹ̀. Olùkọ́ tó bá wá bẹ̀ yín wò á bi yín léèrè, ibẹ̀ ni àṣírí á ti tú. Bó bá jẹ́ fọtokọ́pì lẹ ṣe, ẹ kọ ọ́, kí ẹ fi ohun tí ẹ kà níbẹ̀ kún un. Bí ọ̀gá bá ṣí i láti fọwọ́ sí i, tó rí ojú ewé mẹ́ta tó jẹ́ ohun kan náà, ìwé yẹn ti bá yín sọ̀rọ̀, ẹ̀yin kò tíì la ẹnu. Bí ẹ bá ti bèèrè lẹ́ẹ̀mejì tí kò sí àyípadà, ẹ sọ fún olùkọ́ tó ń bójú tó yín kí oṣù kejì tó parí. Ẹ sọ ohun tí ẹ bèèrè àti ọjọ́ tí ẹ bèèrè. Ẹ má bú ẹnikẹ́ni. Olùkọ́ lè bá wọn sọ̀rọ̀ bí àgbà sí àgbà. Ẹ má ṣàdédé kúrò níbẹ̀ láìjẹ́ pé ilé ìwé mọ̀.

Àmọ́ ẹ gbọ́ mi dáadáa lórí èyí, pàápàá ẹ̀yin obìnrin. Bí iṣẹ́ tí wọ́n rán yín bá jẹ́ pé kí ẹ wá sílé ọ̀gá, tàbí kí ẹ dúró sẹ́yìn nígbà tí gbogbo ènìyàn ti lọ, tí ọkàn yín kò sì balẹ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ tí mo ti ń sọ láti àárọ̀ kò kan ibẹ̀. Ẹ má lọ. Ẹ pe ilé ìwé lọ́jọ́ yẹn gan-an, kí ẹ sì sọ fún òbí yín.

Ó tó báyìí. Àkókò ìbéèrè ló kàn, àmọ́ kí ẹ tó bi mí, mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ ṣe nǹkan kan. Ẹ mú bírò yín. Ẹ ronú kan ibi tí wọ́n ti gbà yín, kí ẹ kọ ìwé kan tí ẹ rò pé wọ́n máa ní kí ẹ máa ṣẹ̀dà níbẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀, ẹ kọ gbólóhùn mẹ́ta tí ẹ máa fi bèèrè iṣẹ́ kan tó sún mọ́ ìwé yẹn. Ẹni tó bá kọ tirẹ̀ tán, kó gbé e wá síwájú níbí. Mo máa jókòó sórí àga yìí, mo máa ṣe bíi pé èmi ni ọ̀gá yín, ká jọ gbọ́ bó ṣe dún létí. Ìwọ tó o wọ aṣọ aláwọ̀ ewé lẹ́yìn yẹn, mo rí i pé o ti ń kọ ọ́. Máa bọ̀.